Tówẹ́ẹ̀lì kan lórí ilẹ̀ táìlì: ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá wọ yàrá òtẹ́ẹ̀lì tó sì fẹ́ ṣe eré ìdárayá, púṣọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí i lọ́kàn. Á ṣe é lọ́jọ́ Ajé, á ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á fi ìlóṣòó kún un, á tún ṣe é lọ́jọ́rú. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, iwájú èjìká á ti máa ta á, àyà á ti le gbagidi, á wá ní yàrá náà ló há jù. Yàrá kọ́ ló fà á. Gbogbo ohun tó ń ṣe láti ọjọ́ Ajé, títì ni. Kò tíì fa nǹkan kan.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ wà níbi gbogbo, ilẹ̀ sì ń gba títì. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ara yín fúnra rẹ̀ ti di ẹrù. Fífà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan lókè tàbí níwájú tí kò ní tẹ̀ lé yín wá nígbà tí ẹ bá fà á. Ẹni tó ń fa omi ní kànga mọ ibi tí iṣẹ́ náà máa ń dé lára: láti abẹ́ apá títí dé àárín eegun pẹlẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́yìn èjìká. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ omi la ń ṣí. Nítorí náà, fífà ni a kọ́kọ́ wá àyè fún nínú ètò ọ̀sẹ̀ kan yìí, a tó wá fi ìyókù yí i ká. Ètò náà kò nílò irinṣẹ́ kankan: tówẹ́ẹ̀lì àti ilẹ̀ táìlì la ó fi ṣe é. Ẹni tó bá sọ pé irinṣẹ́ ni tówẹ́ẹ̀lì náà, a ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú owó yàrá.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ obìnrin ni, ẹni ọdún 42, ó wọn kílò 72, láti Òmù-Àrán ni wọ́n sì ti pè é wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ márùn-ún ní Ìlọrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dé, àárọ̀ Àbámẹ́ta ni yóò padà. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí àga ni yóò wà. Oṣù kẹta ni, nígbà tí ooru Ìlọrin ń mú gan-an, wọn kì í sì í tan jẹnẹrétọ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Púṣọ́ọ̀pù 6 tó pé ló lè ṣe kí apá rẹ̀ tó kọ̀. Ara rẹ̀ dá, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún kò sì dùn ún.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú, kò ní ṣe eré kankan. Yàrá ló máa wò, ìṣẹ́jú 10 sì tó. Kó kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó wà ní iwájú òtẹ́ẹ̀lì pé kí wọ́n fún òun ní tówẹ́ẹ̀lì kejì, ńlá, torí èyí tó máa nulẹ̀ kọ́ ló yẹ kó fi nura. Lẹ́yìn náà, kó wo ilẹ̀kùn.

Òfin kan ṣoṣo ló wà fún ilẹ̀kùn: láti ibi tí ẹ dúró sí láti fa tówẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹ máa tì kó tó ṣí. Èyí tí ẹ máa fà mọ́ra kó tó ṣí, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ilẹ̀kùn bá ń ṣí kúrò lọ́dọ̀ yín, bí ẹ ṣe ń fà á ló ń fún mọ́ férémù, férémù ló sì ń gba gbogbo agbára yín. Tó bá ń ṣí sọ́dọ̀ yín, irin kékeré tó wọ inú férémù nìkan ló dì í mú. Ọjọ́ tó bá yọ̀, ẹ̀yìn orí lẹ ó fi lélẹ̀. Ilẹ̀kùn àbáwọlé sábà máa ń ṣí wọ inú yàrá, ìyẹn ni kò fi wúlò fún ẹni tó wà nínú yàrá. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló sábà máa ń bá a mu, torí inú balùwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣí sí, ẹni tó ń fà á á sì dúró lápá ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà. Kí olùkọ́ wa tì í, kó mì í dáadáa. Tí férémù bá mì pẹ̀lú ògiri, tí ikán bá ti wà nínú igi rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ilẹ̀kùn onígíláàsì, kó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀nà méjì mìíràn ṣì wà fún fífà.

Ẹ má ṣe rọ̀ mọ́ irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìṣó méjì-mẹ́ta ló gbé e dúró, ẹ̀wù ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kàn án. Àga ike lórí táìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá fi ara tẹ̀ ẹ́ láti apá kan. Àpò omi inú ọ̀rá wà, ó sì tó bí kílò 10 tí ọ̀rá 20 oní-50 sẹ́ńtílítà bá pé nínú rẹ̀, àwọn kan sì máa ń gbé e bí irin jíìmù. Tó bá bẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ̀yin àti wọn lẹ ó jọ sọ ọ́.

Ó wá ku bí a ṣe ń fà á. Ẹ ta kókó ńlá sí etí kan tówẹ́ẹ̀lì náà, kókó méjì lórí ara wọn. Ẹ gbé e kọjá orí ilẹ̀kùn kí kókó náà wà lápá balùwẹ̀, kí ìyókù rọ̀ sọ́dọ̀ yín, kí ẹ wá fa ilẹ̀kùn náà dé pátápátá. Ẹ rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú balùwẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di tówẹ́ẹ̀lì mú níbi tó bá àyà yín dọ́gba, ẹ sún ẹsẹ̀ yín síwájú, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí apá yín á fi nà gbọnrangandan. Kí ara le láti gìgísẹ̀ dé orí bí igi àjà. Láti ibẹ̀, ẹ fa àyà yín lọ bá ọwọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ máa rò pé ẹ ń fà sẹ́yìn, ẹ má ro ọwọ́. Tó bá dé òkè, ẹ dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2, kí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn méjèèjì súnmọ́ ara wọn, kí ẹ wá fi ìṣẹ́jú àáyá 3 padà sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀kùn tó ni ara yín á ṣe dùbúlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa wúwo tó. Ẹni tó bá dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ lóòró, ẹrù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ bù ú tàbí kí ẹ fi kún un bí ẹni tó ń yí iná àdògán.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí ìbàdí máa rẹlẹ̀ kó sì máa ta síwájú. Ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí iṣẹ́ náà bá ṣàdédé rọrùn lẹ́yìn ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ọwọ́ lè kọ̀ kí ẹ̀yìn tó rẹ̀, torí tówẹ́ẹ̀lì nípọn ju irin lọ. Ìyẹn kò burú. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ parí ìyókù. Kí ẹsẹ̀ wà ní ìhòòhò tàbí nínú bàtà onírọ́bà. Ìbọ̀sẹ̀ lórí táìlì, ìṣubú ló máa ń bí.

Ọ̀nà kejì ni ilẹ̀ táìlì, òun la sì fẹ́ràn jù lọ, torí kò fi nǹkan kan sínú ewu. Ẹ nu ilẹ̀ náà gbẹ. Ẹ tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kí ẹ dojú bolẹ̀ lé e lórí, kó gùn láti àyà dé itan. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ wà lórí táìlì gan-an. Ẹ wá tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ fa gbogbo ara yín síwájú títí àyà yín á fi bá ọwọ́, kí ìgbọ̀nwọ́ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ẹ ti ara padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un ṣe. Ó dà bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú odò tí kò sí omi. Ẹni tó bá rí yín láti ojú fèrèsé lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n abẹ́ apá yín á sọ òótọ́ fún yín lọ́jọ́ kejì. Tí ọwọ́ bá ń yọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ nù ún tán kó ku ìrì lásán. Tí tówẹ́ẹ̀lì kò bá yọ̀ rárá, ilẹ̀ ló tutù tàbí ó ní yanrìn. Kí ẹ̀wù má ní bọ́tìnnì níwájú. Tó bá jẹ́ rọ́ọ̀gì ni wọ́n tẹ́ sí yàrá, tówẹ́ẹ̀lì kò ní lọ. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń kó aṣọ sí ló máa ń yọ̀ lórí rọ́ọ̀gì.

Ọ̀nà kẹta wà fún ọjọ́ tí ara kò bá fẹ́ wàhálà. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí ẹ fà á gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìjẹ́ pé nǹkan kan rìn. Ẹ má dí èémí. Ẹ máa kà sókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè dí èémí. Fífà tí kò rìn báyìí máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójú ẹsẹ̀, nítorí náà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó fi èyí sílẹ̀, kó ṣe méjì àkọ́kọ́ ní ìwọ̀nba.

Títì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú púṣọ́ọ̀pù tó pé, ọwọ́ máa ń gbé tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ara: fún olùkọ́ wa, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kílò 48. Tó bá fi orúnkún kanlẹ̀, ó máa dínkù sí nǹkan bí ìdajì, kílò 36. Tó bá gbé ọwọ́ lé tábìlì tó fara ti ògiri, ó tún fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ; tó bá gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì, ó wúwo sí i. Nítorí pé 6 péré ló lè ṣe ní pípé, orí orúnkún ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú àáyá 3 sọ̀kalẹ̀, kí àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Púṣọ́ọ̀pù tí ìbàdí kọ́kọ́ dé ilẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ń kánjú ni. Tí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn ún, kó di ẹ̀ṣẹ́ kó gbé e lé tówẹ́ẹ̀lì tí a ká, kí ọrùn ọwọ́ lè wà ní títọ́.

Fún ẹsẹ̀, ìlóṣòó ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń fúyẹ́ jù fún ẹni tó ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀. Ó lè ṣe 40 láìsí pé ó rẹ̀ ẹ́, ìyẹn sì ti di iṣẹ́ èémí. Kó dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kó fi ẹsẹ̀ kejì sọ̀kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 títí yóò fi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kó wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì dìde. Gbogbo ara ló ti wà lórí ẹsẹ̀ kan yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú ìlóṣòó lásán. Tó bá ń jábọ́ lójijì níbi tó kù díẹ̀ kó kan bẹ́ẹ̀dì, agbára rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Kó gbé ìrọ̀rí sí ibi tó máa jókòó sí.

Tówẹ́ẹ̀lì náà tún wúlò fún ẹ̀yìn itan, èyí tí púṣọ́ọ̀pù àti ìlóṣòó kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì lé tówẹ́ẹ̀lì tí a ká kékeré, ẹ gbé ìbàdí sókè. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ máa yọ̀ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kí ẹ wá fà á padà. Ìdí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Pajápajá máa ń mú ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá mú yín, ẹ na ẹsẹ̀ náà, kí ẹ fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara. Ìgbà tó ń bọ̀, ẹ kàn yọ̀ lọ síwájú, kí ẹ sọ ìbàdí kalẹ̀, kí ẹ kó ẹsẹ̀ padà lásán. Apá kan yìí nìkan tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Níwọ̀n bí kò ti sí irin láti fi kún, bí ẹ ṣe súnmọ́ ibi tí agbára yóò ti tán ni òṣùwọ̀n. Ẹ dá dúró nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ìgbà 2 péré ló kù tí ẹ lè ṣe dáadáa. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ yára gòkè, ara kò yára. Ibi tó bá ti kọjá 30 tí àmì yìí kò tíì hàn, ó fúyẹ́ jù: ẹ fà á gùn, ẹ dá dúró nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣe é. Iye ìgbà tí ẹ bá ṣe nǹkan kan kí ẹ tó sinmi là ń pè ní sẹ́ẹ̀tì; ìsinmi ìṣẹ́jú 2 ni kí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 20 sinmi ń dán èémí rẹ̀ wò, kò tíì kan iṣan.

Fún olùkọ́ wa, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Jímọ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ó dára, torí yàrá ṣì tutù nígbà yẹn. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní oṣù kẹta, ògiri tí oòrùn ti ń pa láti ọ̀sán á ti dà bí ààrò. Kò sí fífò nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń sùn ní ìsàlẹ̀ kò ní kanlẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé, sẹ́ẹ̀tì 2 péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí àwọn nǹkan tuntun ni. Ó fa ilẹ̀kùn ní ìgbà 12, lẹ́yìn náà 10. Ó fa ara lórí táìlì ní 10 àti 8. Púṣọ́ọ̀pù orí orúnkún, 9 àti 8. Ẹsẹ̀ kan sórí bẹ́ẹ̀dì, 8 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Gìgísẹ̀ yíyọ̀, 6, lẹ́yìn náà 5, pajápajá sì mú un ní ìkarùn-ún. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ. Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ló fà, ẹyọ kan ló tì. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹni tó tẹ̀ síwájú sórí ìwé fún wákàtí méje kò nílò ohun tó tún máa fa èjìká rẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́rú, sẹ́ẹ̀tì 3. Ó sún ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ sí 10, 9, 8. Wíwálẹ̀ yẹn ló yẹ: ẹrù ló lé. Púṣọ́ọ̀pù gòkè sí 10, 9, 7. Kó má jẹ́ kí èyí tàn án. Iṣan kì í hù lọ́jọ́ méjì. Ara ló ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe nǹkan náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, sẹ́ẹ̀tì 3 náà ni, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ púṣọ́ọ̀pù rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó pé, 4, nígbà tí àmì hàn, ó fi orúnkún kanlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ó sì fi 5 kún un. Lórí táìlì, ó ń dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 nígbà tí àyà bá bá ọwọ́.

Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì ló gùn fún ìṣẹ́jú 12, ní ìwọ̀n tó ṣì lè kí ẹni tó bá pàdé láìmí hẹlẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé apá lé férémù ilẹ̀kùn, ó tẹ àyà síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́bọ̀ ó fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ ẹsẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sí nǹkan mìíràn.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ní ìṣòro ní Ìlọrin: wàrà àwọn Fúlàní wà ní ọjà, ẹ̀wà àti ẹyin wà. Kó sáà ti mú ọ̀kan nínú wọn ní oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ ìrẹsì nìkan tí wọ́n ń fún wọn ní gbọ̀ngàn.

Ara ríro láàárín ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta kò ju ohun tó yẹ lọ, pàápàá lẹ́yìn itan àti lábẹ́ apá. Ohun tí kò yẹ ni kí ìtọ̀ dúdú bíi sóbò tàbí kóòkì, kí iṣan sì wú kó má ṣeé tẹ̀. Ẹni tó fi ìbínú ṣe ọgọ́rùn-ún nǹkan tí ara rẹ̀ kò mọ̀ rí, nínú ooru, láìmu omi, ló sábà máa ń kó sínú rẹ̀: iṣan ló ń fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa jìyà rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kó má retí kí ilẹ̀ mọ́. Ìrora tó mú lójijì bí abẹ́rẹ́ nínú èjìká tàbí orúnkún, tàbí àyà tó fún, iṣẹ́ dópin nìyẹn.

Lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta, kó tú kókó tówẹ́ẹ̀lì, kó sá a sórí irin balùwẹ̀ kó tó kó ẹrù. Tó bá padà sí jíìmù rẹ̀ ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ Ajé, irin tó ń gbé kó tó kúrò nílé náà ni kó gbé. Ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti gba agbára lọ́wọ́ èèyàn. Kìkì ibi fífà ni kó ti dín sẹ́ẹ̀tì kan kù lọ́jọ́ yẹn, torí ọwọ́ tó ti ń di tówẹ́ẹ̀lì mú láti ọ̀sẹ̀ kan lè máà tíì sinmi tán.